Wọ́n ti àkáǹtì ìtajà mi pa, wọ́n ní ayédèrú ni mò ń tà: ẹ bá mi wo lẹ́tà tí mo kọ

Àbẹ̀kẹ́ Oníkílípà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti tojú sú mi, mo ní kí n gbé e wá síbí kí n tó tún ṣe àṣìṣe mìíràn.

Kílípà ìgẹrun àti àwọn nǹkan rẹ̀ ni mò ń tà lórí ọjà ńlá kan ní orí ayélujára. Ọdún kẹta rèé. Èmi nìkan ni mò ń dá a ṣe, èmi náà ni mò ń di ẹrù. Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá ni mo jí bá ímeèlì pé wọ́n ti ti àkáǹtì mi pa. Ọjà méjì ni wọ́n fẹ̀sùn ayédèrú kàn: kílípà ilé iṣẹ́ olórúkọ kan, àti bíléèdì tí èèyàn fi ń pààrọ̀ ti ojú kílípà náà tó bá ti kú. Owó mi tó wà níbẹ̀ kò ṣeé gbà.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo kọ̀wé sí wọn. Ohun tí mo kọ nìyí:

> Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi. Mi ò ta ayédèrú rí láyé mi. Ojúlówó ni gbogbo ọjà mi, àwọn oníbàárà mi sì ń yìn mí. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń tọ́ ọmọ. Àwọn tí a jọ ń ta ọjà kan náà ló ń ṣe ìlara mi. Mo fi rìsíìtì mọ́ lẹ́tà yìí. Irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì ṣú tí wọ́n fi dáhùn pé àlàyé mi kò tó. Kí ni kò tó nínú rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un ṣe.

Bàbá Ìbejì

Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò le tó bẹ́ẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà kan wà láti 1998 tó fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn láyè láti kọ̀wé takò ó. Tí ẹ bá ti kọ ọ́, tí ẹni tó fẹ̀sùn kàn yín kò sì gbé yín lọ sí kóòtù láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10 sí 14, wọ́n á dá ojú ewé ọjà yín padà. Bí mo ṣe gba tèmi padà nìyẹn. Ẹ má bẹ ẹnikẹ́ni, òfin wà lẹ́yìn yín.

Ìyá Ṣadé

Wọ́n ti ti èmi náà pa rí, àbúrò. Ẹrù mi ló ń pẹ́ kó tó dé ọwọ́ oníbàárà, wọ́n wá ń kọ ìráhùn jọ. Mo kọ lẹ́tà títí, wọn ò gbọ́. Mo fi orúkọ ọkọ mi ṣí òmíràn, ó ti lé ní oṣù kan báyìí, mò ń tà lọ ní tèmi. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi yín ṣòfò ọjọ́.

Lánre Àpótí

Ìyá Ṣadé, ẹ má bínú, ìmọ̀ràn yẹn léwu fún Àbẹ̀kẹ́. Àwọn ọjà ńlá wọ̀nyí ń wo àdírẹ́sì, nọ́ńbà báǹkì, fóònù, àní kọ̀ǹpútà tí èèyàn fi wọlé. Tí wọ́n bá fi lè rí i pé àkáǹtì kejì bá èyí tí wọ́n tì pa tan, wọ́n á ti ìyẹn náà pa. Ẹ̀sùn kejì tí wọ́n á kọ sílẹ̀, pé èèyàn fẹ́ yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé, máa ń ṣòro láti tú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ti ẹrù tó ń pẹ́ pàápàá kò jọ ti ayédèrú. Ti ẹrù jẹ́ ọ̀rọ̀ bí èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́. Ti ayédèrú, ibi tí ọjà ti wá ni wọ́n fẹ́ mọ̀.

Bàbá Ìbejì, òótọ́ lẹ sọ nípa òfin 1998, àmọ́ kì í ṣe òfin fún irú ẹjọ́ yìí. DMCA ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ẹlòmíràn tí èèyàn dà kọ ló wà fún: àwòrán, ọ̀rọ̀, orin, fídíò. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwòrán ni wọ́n tìtorí ẹ̀ mú yín nígbà yẹn. Ẹ̀sùn ayédèrú dá lórí orúkọ àti àmì ìdánimọ̀ ilé iṣẹ́, òfin yẹn kò sì sọ ohunkóhun nípa ìyẹn. Tí Àbẹ̀kẹ́ bá kọ ìwé àtakò bẹ́ẹ̀, wọn ò ní kà á sí ìdáhùn rárá.

Àbẹ̀kẹ́, lẹ́tà yín kò burú nítorí pé ẹ bẹ̀bẹ̀. Ohun tó ṣe é ni pé ẹni tó ń kà á kò rí nǹkan kan tó lè yẹ̀ wò nínú rẹ̀. Ẹ rò ó wò: ẹnì kan jókòó, ó ní ìṣẹ́jú díẹ̀ péré fún lẹ́tà yín, ó ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta. Kí ló fa ìṣòro yìí gan-an? Kí lẹ ti ṣe sí i? Kí lẹ yí padà tí kò fi ní tún ṣẹlẹ̀? Lẹ́yìn náà á ṣí ìwé tí ẹ so mọ́ ọn, á sì fi wé iye tí ẹ tà. Ọmọ títọ́ àti ìlara kò sí nínú ohun tó ń wá. “Irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́” sì ta ko “mi ò ṣe é rí.” Ẹni tó ń kà á á rí i.

Kí n tó lè sọ ohun tí ẹ máa kọ, ẹ dáhùn èyí fún mi:

Ta ló fẹ̀sùn kàn yín, oníbàárà ni àbí ilé iṣẹ́ tó ni orúkọ náà? Kílípà mélòó lẹ tà láàárín ọjọ́ 365 tó kọjá, mélòó ló sì wà lórí ínfọ́ìsì? Ìwé tí ẹ so mọ́ lẹ́tà yẹn, ínfọ́ìsì ọlọ́jà àràtúntà ni àbí rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù? Bíléèdì yẹn ńkọ́, ilé iṣẹ́ tó ṣe kílípà ló ṣe é àbí ẹlòmíràn? Kí lẹ sì kọ sí àkọlé rẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́ Oníkílípà

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n Àpótí. Mo ti lọ tú gbogbo ìwé mi sílẹ̀.

Ímeèlì náà ní “ẹni tó ni ẹ̀tọ́” ló fẹ̀sùn kàn mí, nọ́ńbà ẹ̀sùn kan sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kílípà 46 ni mo tà. Mo ra 30 lọ́wọ́ ọlọ́jà àràtúntà tí ilé iṣẹ́ náà yọ̀ǹda fún, ínfọ́ìsì méjì ni, 20 lórí ọ̀kan, 10 lórí èkejì. Nígbà kan ọjà wọn tán, oníbàárà sì ń béèrè, ni mo bá lọ ra 20 ní ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ohun èlò ilé nígbà tí wọ́n dín owó rẹ̀ kù. Mẹ́rin ló kù nínú 20 yẹn. Rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù yẹn ni mo so mọ́ lẹ́tà, nítorí òun ló wà nítòsí.

Bíléèdì kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ náà. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe é, kò ní orúkọ lára, àmọ́ ó bá kílípà yẹn mu wẹ́kú, ó sì mú dáadáa. Mo tà 112. “Ojúlówó bíléèdì” ni mo kọ, mo wá fi orúkọ ilé iṣẹ́ kílípà tẹ̀ lé e. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé kì í ṣe gbàrọgùdù. Mi ò sì ṣí ojú ewé tuntun fún un. Ojú ewé bíléèdì kan ti wà níbẹ̀ tí àwọn kan ń tà lórí rẹ̀, ni mo bá fi ara mi kún wọn.

Tinú

Mo ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́rin ní ilé iṣẹ́ kan tó ní orúkọ tí àwọn èèyàn ń dà ṣe. Ẹ̀ka tó ń kọ irú ẹ̀sùn yìí ni mo wà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí láti ọ̀dọ̀ tiwa.

A kì í sábà fẹ̀sùn kan èèyàn ká tó ra ọjà rẹ̀ wò. A ó ra bíléèdì kan gẹ́gẹ́ bí oníbàárà. Tó bá dé, a ó ya àwòrán páálí rẹ̀, a ó tú u, a ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa lórí tábìlì. Bíléèdì tiwa ní nọ́ńbà irú kílípà tó wà fún, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára irin ní ẹ̀yìn, ó sì wà nínú páálí tó ní orúkọ wa. Èyí tí a rà á wà nínú ọ̀rá funfun lásán, ẹ̀yìn irin rẹ̀ á máa dán bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ láìní nǹkan kan lára. Ojú ewé tí a ti rà á wá sọ pé tiwa ni. Lójú tiwa, ó ti parí. Kò kàn wá bóyá ó mú tàbí kò mú. Ẹni tó rà á gbà gbọ́ pé ọwọ́ wa ló ti wá.

Nítorí náà, Àbẹ̀kẹ́, mo mọ̀ pé ó máa dùn yín, àmọ́ ẹ̀sùn bíléèdì yẹn tọ́. Ẹ kò tẹ orúkọ ẹnikẹ́ni sára irin, àmọ́ orúkọ ẹlòmíràn lẹ fi tà á. Ti kílípà ni mi ò lè sọ. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n kàn fẹ̀sùn kan gbogbo ohun tó jẹ mọ́ orúkọ wọn nínú ṣọ́ọ̀bù yín lẹ́yìn tí wọ́n ti rí bíléèdì. A máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Bàbá Ìbejì

Mo gbà fún Àpótí. Mo lọ wo ímeèlì mi àtijọ́, àwòrán ni lóòótọ́.

Àmọ́ mi ò gbà pé kó jẹ́wọ́ nípa bíléèdì. Ohun tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, wọ́n lè fi gbé e lọ sí kóòtù lọ́la.

Lánre Àpótí

Ẹ̀rù yẹn ní ìdí, ẹ̀gbọ́n, mi ò ní fojú kéré rẹ̀. Tí lẹ́tà lọ́yà bá ti dé ọwọ́ Àbẹ̀kẹ́ láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ náà, kó dúró, kó fi han lọ́yà tirẹ̀ kó tó kọ ohunkóhun. Tí irú ẹ̀ kò bá tíì dé, ọ̀nà wà tí èèyàn fi ń sọ òótọ́ láìsọ ohun tí kò ṣe. “Mo ta ayédèrú” kọ́ ni yóò kọ. Yóò kọ pé: “Àkọlé mi kò tọ́, mo sì gbé ọjà náà sí ojú ewé tí kò yẹ kó wà.” Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn, kò lé, kò dín.

Ohun tó ba lẹ́tà àkọ́kọ́ jẹ́ jù ni pé ó fi ọjà méjì sínú gbólóhùn kan: “Ojúlówó ni gbogbo ọjà mi.” Ti kílípà lè jẹ́ òótọ́, ti bíléèdì kì í ṣe òótọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ẹni tó bá ti rí irọ́ ní apá kan kò ní yẹ apá kejì wò mọ́. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ó wá ku kílípà 16. 46 lẹ tà, ínfọ́ìsì gbé 30. Wọ́n máa ka a.

Àkàǹbí

Èmi ò ní mẹ́nu ba 16 yẹn tó bá jẹ́ èmi. Kó fi ínfọ́ìsì 30 ránṣẹ́, kó dákẹ́. Ó tó láti fi hàn pé ó mọ ibi tí ojúlówó wà. Tí wọ́n bá béèrè, á dáhùn.

Tinú

Àkàǹbí, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa pinnu bóyá wọ́n á béèrè. Iye tí ó tà wà lójú wọn, kò sí iṣẹ́ kankan nínú kí wọ́n fi 30 wé 46.

Ohun kan tún wà nípa ọjà ṣọ́ọ̀bù. Ó lè jẹ́ ojúlówó lóòótọ́, kí ilé iṣẹ́ náà sì sọ pé wáráńtì wọn kò tẹ̀ lé e nítorí pé ẹni tó tà á kì í ṣe ẹni tí wọ́n yọ̀ǹda fún. Àwọn kan ń gba ibẹ̀ sọ pé kì í ṣe “tuntun” mọ́. Kóòtù kò fẹnu kò lórí rẹ̀ níbi gbogbo, mi ò sì ní sọ pé ilé iṣẹ́ máa ń jàre. Mo kàn fẹ́ kí Àbẹ̀kẹ́ mọ̀ pé rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù kò lè gbé ẹrù tó fẹ́ gbé lé e. Rìsíìtì kì í ní orúkọ ẹni tó rà á, kì í sì í fi hàn bí ọjà ṣe tọ ọwọ́ ilé iṣẹ́ wá.

Àbẹ̀kẹ́ Oníkílípà

Ọkàn mi bàjẹ́ nípa bíléèdì yẹn, torí mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Mo gbé ọ̀kan sílẹ̀ níwájú mi báyìí. Òótọ́ ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ṣé kí n dá owó padà fún àwọn 112 tó rà á?

Tinú

Ó yẹ. Ilé iṣẹ́ máa ń rọ̀ tí wọ́n bá rí i.

Lánre Àpótí

Èmi àti Tinú kò pàdé níbẹ̀. Wọ́n ti ti àkáǹtì pa, kò lè kàn sí oníbàárà, owó rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn. Kó kọ pé òun ṣe tán láti dá owó padà fún ẹni tó bá béèrè, ó tó. Kò dára kó ṣèlérí ohun tí kò lágbára láti ṣe lónìí.

Ẹ wo bí mo ṣe máa kọ ọ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ara yín tún un kọ o, wọ́n máa ń dá lẹ́tà àdàkọ mọ̀. Ẹ sì kọ ọ́ ní èdè tí wọ́n fi kọ̀wé sí yín.

> Mo ń kọ̀wé nípa ọjà méjì tó wà nínú ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀.
>
> Bíléèdì: Ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é. Mo kọ “ojúlówó” àti orúkọ ilé iṣẹ́ kílípà sí àkọlé rẹ̀, mo sì tà á lórí ojú ewé bíléèdì tiwọn. Mo rò pé nítorí pé ó bá kílípà náà mu ni mo ṣe lè lo orúkọ náà. Àṣìṣe mi nìyẹn, ó sì lè mú kí oníbàárà rò pé ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá. Mo ti yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ínfọ́ìsì ẹni tí mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀ wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Mo ṣe tán láti dá owó padà fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè.
>
> Kílípà: Mo tà 46. Mo ra 30 lọ́wọ́ ọlọ́jà àràtúntà tí ilé iṣẹ́ náà yọ̀ǹda fún, ínfọ́ìsì méjì wà níbí, pẹ̀lú fóònù àti àdírẹ́sì wọn. Mo ra 20 ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ọjà wọn tán, mo sì ta 16 nínú wọn. Rìsíìtì nìkan ni mo ní fún ìyẹn, mo mọ̀ pé kò tó. Mo ti yọ mẹ́rin tó kù kúrò lórí títà.
>
> Láti ìsinsìnyí, mi ò ní ra ọjà olórúkọ níbi tí wọn kò ti lè fún mi ní ínfọ́ìsì tó ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi. Kí n tó gbé ọjà tuntun síta, màá fi orúkọ tó wà lára rẹ̀ àti lára páálí wé àkọlé tí mo kọ. Mo ti yẹ gbogbo ojú ewé yòókù wò báyìí, mo sì yọ èyí tó jọ ti bíléèdì yìí.

Apá tó kẹ́yìn yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́ o. Ẹ lọ yẹ wọ́n wò kí ẹ tó kọ ọ́.

Àkàǹbí

Mo ṣì rò pé gbólóhùn “mo mọ̀ pé kò tó” ń fi idà lé wọn lọ́wọ́. Àmọ́ mo fara mọ́ ìyókù.

Tinú

Ẹ yọ “mo mọ̀ pé kò tó” yẹn, mo gbè sẹ́yìn Àkàǹbí níbẹ̀. “Rìsíìtì nìkan ni mo ní” ti sọ gbogbo rẹ̀.

Lórí ínfọ́ìsì: ọ̀pọ̀ ọjà ńlá gbà kí èèyàn bo iye owó mọ́lẹ̀, àmọ́ ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn lórí rẹ̀. Ẹ má yí déètì, ẹ má fi orúkọ kún un, ẹ má gé e. Orúkọ àti àdírẹ́sì yín lórí ínfọ́ìsì gbọ́dọ̀ bá ti àkáǹtì mu. Ẹ pe ọlọ́jà àràtúntà yín lónìí, ẹ sọ fún wọn pé àwọn tó ń yẹ lẹ́tà yín wò lè pè wọ́n láti béèrè. Mo ti rí ibi tí ẹni tó gbé fóònù ní “a ò mọ̀ ọ́n,” nítorí pé akọ̀wé tuntun ni.

Lẹ́tà kejì tún wà tí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ nínú yín: èyí tó lọ sí ilé iṣẹ́ tó fẹ̀sùn kàn yín. Ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀sùn sí àkọlé ímeèlì. Ẹ sọ pé ẹ ti yọ bíléèdì, ẹ fi ínfọ́ìsì kílípà mọ́ ọn, ẹ wá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ ẹ̀sùn ti kílípà kúrò. Àwọn fúnra wọn ló gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ọjà náà láti inú ímeèlì ilé iṣẹ́ wọn. Tí ẹ bá fi èyí tí wọ́n kọ sí yín ránṣẹ́ síwájú, wọn kì í sábà gbà á. Ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ dúró tó ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn tó ń kọ lójoojúmọ́ tí wọ́n sì ń halẹ̀ ni a máa ń tì sẹ́yìn.

Àbẹ̀kẹ́ Oníkílípà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo kọ méjèèjì. Nígbà tí mo yẹ ojú ewé yòókù wò, mo rí kóòmù kan tí mo fi orúkọ kílípà sí bákan náà, mo yọ ọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n béèrè ínfọ́ìsì kejì lẹ́ẹ̀kan sí i nítorí pé ìsàlẹ̀ ojú ìwé rẹ̀ kò hàn nínú àwòrán tí mo yà. Mo gba PDF rẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́jà àràtúntà, mo fi ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, wọ́n ṣí àkáǹtì.

Bíléèdì kò ní padà sí ojú ewé yẹn láé. Kílípà náà kò tíì padà, wọ́n ní ẹ̀sùn rẹ̀ ṣì dúró, ilé iṣẹ́ náà kò sì tíì fèsì. Wọn kò tíì tú owó mi sílẹ̀. Mo ti ṣí ojú ewé tuntun fún bíléèdì, àwòrán tí mo fọwọ́ ara mi yà ló wà níbẹ̀, àkọlé rẹ̀ sì jẹ́ “Bíléèdì ìpààrọ̀ aláìlórúkọ,” kí n tó wá sọ irú kílípà tó bá mu.

Lánre Àpótí

Àkọlé yẹn dára. Ẹ kọ ọ́ sínú àlàyé nísàlẹ̀ pẹ̀lú pé ilé iṣẹ́ kílípà kọ́ ló ṣe é, kí ẹ má sì lo àmì wọn nínú àwòrán. Ti kílípà, ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kejì tó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìyá Ṣadé

Wọ́n ti ti ti ọkọ mi náà pa láàárọ̀ yìí. Àpótí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ti àkọ́kọ́ ni kí n kọ̀wé lé lórí ni, àbí ti èkejì?

Lánre Àpótí

Ti àkọ́kọ́, màmá. Ẹ sọ nínú rẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ ṣí èkejì àti ìdí tí ẹ fi ṣí i. Ẹ ṣí ìjíròrò tirẹ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ kó ímeèlì méjèèjì síbẹ̀, ká wò ó.